Ẹgbàá Méjìdínlógún Tí Kò Sọnù

Màmá mi gbé ìwé títà wọn kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú mi, wọ́n sì rọra tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Òórùn omi àtijọ́ ló kọ́kọ́ kí mi. Àwọn ojú ewé rẹ̀ ti wú, àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sì ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ìwé náà kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni mọ́. “Kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ fún mi,” ni wọ́n wí. “Má fo ìlà kankan.”

Ó lé ní ogún ọdún tí màmá mi fi ta gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà nílùú Ìbàdàn. Ní ọdún tó kọjá ni orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè máa lọ mọ́, tí wọ́n sì fa ṣọ́ọ̀bù lé ìyàwó àbúrò mi lọ́wọ́. Ìyàwó wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ òwò máa ń béèrè: oṣù wo ni èlùbọ́ ń yá jù, ìgbà wo ni ẹ̀wà kì í tà, àpò mélòó ni ó yẹ kí òun rà pamọ́. Màmá mi dá a lóhùn pé inú ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìwé méje ni. Mo ti tẹ mẹ́fà tán kí a tó kan èyí tí mo ń sọ yìí, ìwé ọdún 2011, tí gbogbo wa ti ń sá fún.

Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn nígbà náà kò ní gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ọjọ́ Ẹtì ni. Òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, odò kún bo afárá, ilé wó, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá omi lọ. Àpẹ̀tẹ̀ ni ilé wa wà. Omi wọ yàrá dé orúnkún, àpótí tí ìwé náà wà nínú rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì mu omi mọ́jú. Nígbà tí oòrùn padà yọ, a sá ìwé náà bí ẹni sá láfún, a dì í, a kò sì ṣí i mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan ni kò jẹ́ kí a ṣí i.

Àbẹ̀ní ni n ó pe ọmọbìnrin náà níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Láti Ṣakí ni wọ́n ti mú un wá bá màmá mi ní ọdún 2008 kí ó lè kọ́ òwò. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí ní 2011, òun sì fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Orí ẹní kan náà ni a jọ ń sùn. Àdéhùn wọn ni pé bí ó bá pé ọdún mẹ́rin, màmá mi yóò dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, wọ́n tún ń san 4,000 náírà fún un lóṣù, wọ́n sì ń bá a tọ́jú owó náà.

Ní ìparí oṣù Kẹfà, màmá mi ṣírò ìwé, wọ́n ka owó ọwọ́, wọ́n sì yọ gbogbo ohun tí wọ́n ti ná àti èyí tí wọ́n ti san fún alájọ. Owó dín 36,000 náírà. “Ẹgbàá méjìdínlógún,” bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ń pè é, nítorí pé bí àwọn àgbà ṣe ń ka owó ni wọ́n ṣe ń kà á. Kì í ṣe owó kékeré. Ní ọdún yẹn gan-an ni òfin sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù di 18,000 náírà. Owó oṣù méjì odidi òṣìṣẹ́ ló dàwátì nínú igbá gàrí.

Àbẹ̀ní nìkan ló ń bá wọn dúró ti ọjà. Ó sunkún, ó búra, ó kúnlẹ̀. Màmá mi kò nà án, wọn kò sì pe ọlọ́pàá. Wọ́n kàn gbẹ́sẹ̀ lé 24,000 náírà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ Ṣakí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ sí i lẹ́yìn, lójú gbogbo ọlọ́jà: “Olè.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ní oṣù kejì, omi dé, ó bo ìwé náà mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣírò.

Ọwọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ Àbẹ̀ní ló kọ ìlà títà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ọjà, ìwọ̀n, owó. Báírò búlúù lásán ló fi ń kọ. Àpapọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, àti èyí tí a gbé lọ sí òkè ojú ewé tó tẹ̀ lé e, wà ní ìkọ̀wé dúdú, pẹ̀lú irú báírò olómi tó ń dán tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn nígbà náà. Íǹkì báírò lásán ní òróró nínú, omi kì í tètè wẹ̀ ẹ́ dànù. Omi ni wọ́n fi po íǹkì ti èkejì, omi náà ló sì bá lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà Àbẹ̀ní fi ṣeé kà bó tilẹ̀ ti ṣá, tí àwọn àpapọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfìfo.

Mo ṣí àtẹ ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí mo fi ń ṣe ìwé owó níbi iṣẹ́ mi. Òpó mẹ́fà ni mo là: A fún ọjọ́, B fún ojú ewé, C fún ọjà, D fún ìwọ̀n, E fún owó, F fún ìdánilójú. Òpó F yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí mo bá rí nọ́ńbà kedere, mo kọ 1. Bí apá kan rẹ̀ bá ń ṣe mí ní iyèméjì, mo kọ 2. Bí ó bá jẹ́ pé mo kàn ń méfò ni, mo kọ 3. Òfin kan ṣoṣo ni mo fi de ara mi: ohun tí ojú rí ni kí ọwọ́ tẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọkàn rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń tún ìwé ṣe bí ó ti ń dà á kọ lè tún àṣìṣe tó yẹ kó rí gan-an ṣe, kò sì ní mọ̀ láé pé ó wà níbẹ̀ rí.

Fún ibi tí kò ṣeé kà, mo pa iná yàrá, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá máa ń mú kí ojú ewé dán gúnrégé bí ẹni pé kò sóhun tó wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń ju òjìji sínú kòtò tí ẹnu báírò gbẹ́. Íǹkì lè lọ, kòtò kì í lọ bọ̀rọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo mú kí dúdú dúdú sí i, kí funfun funfun sí i, mo sì jókòó tì í. Àwọn alẹ́ mìíràn wà tí n kò tẹ̀ ju ogún ìlà lọ.

Ìkọ̀wé Àbẹ̀ní náà ní àṣà tirẹ̀ tí mo ní láti kọ́. “Èlùbọ́ 2k” lójú ọmọ òde òní, ẹgbàá náírà ni. Lójú Àbẹ̀ní, kóńgò méjì ni. 800 náírà tó wà níwájú rẹ̀ ló là mí lójú. Ó tún máa ń kọ owó náà báyìí: 800:00, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ṣe ń kọ ọ́ láti fi kọ́bọ̀ hàn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà rò pé aago ni mo ń sọ, ó sì ń ro wákàtí jọ fún mi dípò náírà. Mo padà sẹ́yìn, mo fi nọ́ńbà lásán tẹ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ náà kò fẹ́ gbọ́ràn. Mo tẹ 03/06/2011, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, kọ̀ǹpútà sì gbà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, nítorí pé ìlànà Amẹ́ríkà ni ó ń tẹ̀ lé. N kò mọ̀ títí mo fi dé 13/06/2011. Níwọ̀n bí kò ti sí oṣù kẹtàlá, kọ̀ǹpútà kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, ó sì tì í sí apá òsì, nígbà tí àwọn yòókù wà lápá ọ̀tún. Mo yí ìlànà rẹ̀ padà sí ti Nàìjíríà, mo sì tún ọjọ́ gbogbo tẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ wo òpó owó bóyá nọ́ńbà kan sá lọ sí apá òsì, nítorí èyí tí kọ̀ǹpútà bá kà sí ọ̀rọ̀, kì í rò ó mọ́ àpapọ̀.

Oṣù Kẹfà bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé 41, ó sì parí ní 58. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní kí kọ̀ǹpútà ro ìlà ojú ewé kọ̀ọ̀kan jọ. Ti ojú ewé 43 lọ báyìí:

```
=SUMIF(B:B,43,E:E)
```

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àtẹ kejì, mo to ojú ewé 41 títí dé 58 sínú rẹ̀, ìlà kan fún ojú ewé kan. Nínú òpó C ni mo kọ àpapọ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìsàlẹ̀ ojú ewé náà. Nínú òpó D, àpapọ̀ tí a fọwọ́ kọ síbẹ̀ ní 2011. Nínú òpó E, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ojú ewé 43 bọ́ sí ìlà kẹrin:

```
=D4-C4
```

Ní ojú ewé 41, òfo. Ní 42, òfo. Ní 43, 36,000. Ní 44, 36,000. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí dé 58, kò lé, kò dín.

Mo dìde, mo lọ mu omi. Ẹni tó bá jí owó, inú àpò owó ni àdánù rẹ̀ yóò ti hàn, kì í ṣe nínú ìròpọ̀ ìwé. Ìwé yìí fúnra rẹ̀ ló ń purọ́, iye irọ́ rẹ̀ sì jẹ́ iye owó tí a fi lé Àbẹ̀ní lọ, láìyẹ̀ ní kọ́bọ̀ kan.

Ohun kan wà tí gbogbo akọ̀wé owó ń kọ́. Bí ènìyàn bá ṣi nọ́ńbà méjì tó fara kanra gbé, tí ẹni iwájú wá di ẹni ẹ̀yìn, ìyàtọ̀ tí yóò tibẹ̀ jáde máa ń jẹ́ iye tí mẹ́sàn-án pín láìṣẹ́kù. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí owó mìíràn lè ṣe kòńgẹ́ mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ ibi tó yẹ kí a wò ni. Mo fi mẹ́sàn-án pín 36,000, ó sì di 4,000. Ẹgbẹ̀rún tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ipò ẹgbẹ̀rún àti ipò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló gba ipò ara wọn. Mẹ́rin inú rẹ̀ sọ fún mi pé nọ́ńbà méjèèjì fi mẹ́rin jura lọ: bíi 1 àti 5, tàbí 2 àti 6, tàbí 3 àti 7.

Mo padà sí ìwé. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé 42, àpapọ̀ jẹ́ 26,450. Ní òkè ojú ewé 43, níbi tó yẹ kí a gbé e lọ, mo ti tẹ 62,450, mo sì ti fi 2 sí i ní òpó ìdánilójú. Mo pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Mẹ́fà ló ṣáájú lóòótọ́. Kò sí iyèméjì mọ́.

Mẹ́fà náà ní ìrù gígùn tó tẹ̀ sẹ́yìn, mo sì mọ ẹni tó ń kọ mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Lálaalẹ́, tí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo jẹun tán, èmi ni màmá mi ń pè kí n wá ro ojú ewé pọ̀, kí n sì gbé àpapọ̀ lọ sí òkè èyí tó kàn. Báírò olómi tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé ni mo fi ń kọ ọ́. Àbẹ̀ní máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò máa dúró kí n parí kí a lè pa fìtílà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá màmá mi. Wọ́n ní kí n má fi ohun tó ń tàn yòò hàn wọ́n, kí n kàn ka ìwé sí wọn létí. Mo ka ìsàlẹ̀ ojú ewé 42 bí wọ́n ṣe ń ka owó: “Ẹgbàá mẹ́tàlá, ó lé irínwó àti àádọ́ta.” Mo ka òkè 43: “Ẹgbàá mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó lé irínwó àti àádọ́ta.”

“Dúró,” ni wọ́n wí. “Ojú ewé wo ló wà láàárín wọn?”

“Kò sí, mà. Ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì ni.”

Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo wá rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Lórí ìwé, 26 àti 62 jọ bí ìbejì. Ojú tó ti rẹ̀ lè ṣì wọ́n gbé. Lẹ́nu, ẹgbàá mẹ́tàlá kò jọ ẹgbàá mọ́kànlélọ́gbọ̀n rárá. Ká ní mo ka owó náà sókè sí màmá mi létí lálẹ́ ọjọ́ náà ni, wọn ì bá ti dá mi dúró bí wọ́n ṣe dá mi dúró báyìí.

Mo kúnlẹ̀. “Màmá, ọwọ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo ṣì í kọ.”

Wọ́n wò mí. “Ìwọ lo ṣì í kọ,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo pè é lólè.”

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ẹ̀rí ìwé yìí mọ. Kò lè búra pé Àbẹ̀ní kò ta kóńgò kan rí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí a kò kọ, ìwé kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó lè sọ ni pé ẹgbàá méjìdínlógún tí a fi lé e lọ kò sí nílé ayé rí. A kò pàdánù rẹ̀, nítorí a kò ní in.

Màmá mi kò gbà kí a dá 24,000 náírà padà ní 24,000. Wọ́n ní ọjà ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Nínú ìwé náà, kóńgò èlùbọ́ kan jẹ́ 400 náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2011; owó Àbẹ̀ní jẹ́ ọgọ́ta kóńgò nígbà náà. Iye tí ọgọ́ta kóńgò ń tà lọ́jà lónìí ni wọ́n kà sọ́tọ̀, wọ́n sì fi owó ìdásílẹ̀ tí wọ́n jẹ ẹ́ lé e lórí. Alágbàtà kan tó ń kó èlùbọ́ wá láti Òkè-Ògùn ló júwe ilé rẹ̀ fún wa.

Àbẹ̀ní wà níwájú ilé rẹ̀ ní Ṣakí, ó ń ta ata àti iyọ̀ lórí àtẹ kékeré. Kò yà á lẹ́nu pé a wá tó bí mo ṣe rò. Màmá mi, pẹ̀lú orúnkún wọn, fẹ́ kúnlẹ̀, ó sì sáré dì wọ́n mú. Mo tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò wo mẹ́fà mi. Ìlà búlúù ló ń fi ìka tọ̀.

“Ọwọ́ mi rèé,” ló wí.

Ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. “Ìyá, ọ̀rọ̀ yín ti délé kí n tó dé. Kò sí ọlọ́jà tó jẹ́ kí n mú owó òun dání mọ́. Bàbá mi kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú.” Ó gba owó náà, ó kà á, ó sì so ó mọ́ etí ìró. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ó fẹ́: kí màmá mi padà sí Bódìjà, kí wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti sọ ti àkọ́kọ́.

Wọ́n lọ. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pe àwọn ọlọ́jà tó kù nínú àwọn ìgbà náà jọ, wọ́n sì sọ ọ́. Àwọn mìíràn ti gbàgbé ọmọ náà pátápátá. Màmá mi sọ ọ́ fún wọn síbẹ̀.

Nínú àtẹ ìṣirò, mo yí 2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 62,450 padà sí 1. N kò tún nọ́ńbà náà ṣe. Bí mo ṣe kọ ọ́ ní 2011 ni mo fi í sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyàwó wa máa ń ka àpapọ̀ ọjọ́ náà sókè kí ó tó gbé e lọ sí ojú ewé tó kàn, ọmọ tó ń bá a tajà yóò sì tún un kà tẹ̀ lé e.